Mílíìkì àti gíga ọmọ: nǹkan tí ìwádìí rí, àti bí ẹ ṣe lè lò ó nínú ilé

Ìbéèrè tí àwọn ìyá máa ń bi mí jù tí mo bá lọ sí abúlé ni pé, "Àǹtí, tí mo bá ń fún ọmọ yìí ní mílíìkì lójoojúmọ́, ṣé á ga?" Mo máa ń sọ fún wọn pé bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ díẹ̀ ni, ó sì tún kù sí irú ọmọ tó ń mu ún àti nǹkan tó ti wà nínú abọ́ ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé bó ṣe jẹ́, torí owó ni mílíìkì, kò yẹ kéèyàn máa ra nǹkan tí ò mọ iye tó lè ṣe fún òun.

Lọ́dún 2012, olùwádìí kan tó ń jẹ́ Hans de Beer kó ìwádìí 12 jọ láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi, gbogbo ẹ̀ ló jẹ́ irú èyí tí wọ́n ti fún àwọn ọmọ kan ní mílíìkì àbí nǹkan tí wọ́n fi mílíìkì ṣe, tí wọn ò fún àwọn yòókù, tí wọ́n wá ń wọn gbogbo wọn bí wọ́n ṣe ń dàgbà. Nǹkan tó bọ́ síbẹ̀ ni pé ife kan lójúmọ́, ìyẹn nǹkan bíi mìlílítà 245, ń fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 0.4 kún gíga ọmọ láàárín ọdún kan. Mìlímítà 4 péré nìyẹn, ẹ wò ó lójú rúlà tí ọmọ yín ń gbé lọ sílé ìwé, kò tó ìdajì fífẹ̀ ìka àgbà. Bẹ́ẹ̀ ọmọ ọdún 6 sí 9 tó ń jẹun dáadáa á ga tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6 lọ́dún, yálà ó mu mílíìkì àbí kò mu. Nítorí náà àfikún díẹ̀ ni mílíìkì ń ṣe lórí nǹkan tí oúnjẹ àti ẹ̀jẹ̀ ìdílé ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, ọmọ tí bàbá àti ìyá ẹ̀ kúrú ò ní torí mílíìkì di òpó iná.

Àwọn èèyàn rò pé kásíọ̀mù inú ẹ̀ ló ń fa egungun gùn. Kásíọ̀mù ń mú egungun le ni, èyí tó jọ mọ́ gíga jù ni họ́mónù kan tó ń sọ fún egungun pé kó máa dàgbà. Ní Dẹ́ńmáàkì, wọ́n fún àwọn ọmọkùnrin ọdún 8 kan ní lítà kan ààbọ̀ mílíìkì lójúmọ́ fún ọjọ́ 7, wọ́n fún àwọn kan ní ẹran tí purotéènì ẹ̀ bá ti mílíìkì yẹn mu. Họ́mónù yẹn fi ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún gbéra lára àwọn tó mu mílíìkì, kò gbéra lára àwọn tó jẹ ẹran. Ẹ má torí ìyẹn lọ máa fún ọmọ yín ní lítà kan ààbọ̀ o, ìwádìí ọlọ́jọ́ méje ni, màá sọ ewu tó wà níbẹ̀ níwájú.

Ìwádìí ńlá tó ṣini lọ́nà

Mo fẹ́ràn láti máa sọ ìtàn yìí torí àṣìṣe tó wà nínú ẹ̀ náà là ń ṣe nínú ilé wa. Lọ́dún 1930, ní Lánákíṣáyà ní ilẹ̀ Skọ́tíláǹdì, wọ́n kó ọmọ iléèwé 20,000 jọ. 10,000 ń mu bíi ife méjì tí ò kún lójúmọ́ níléèwé, 10,000 yòókù ò gba nǹkan kan, láti oṣù kejì títí di oṣù kẹfà. Wọ́n wọ̀n wọ́n níbẹ̀rẹ̀, wọ́n wọ̀n wọ́n níparí, wọ́n ní àwọn tó mu mílíìkì ló dàgbà jù, ó sì dà bíi pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Àmọ́ William Gosset, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ bíà Guinness tó sì mọ ìṣirò dáadáa, yẹ ìwé wọn wò lọ́dún 1931, ó rí i pé níbẹ̀rẹ̀ pàá, kí ẹnikẹ́ni tó mu nǹkan kan, àwọn tí wọn ò fún ní mílíìkì ti ga ju àwọn tí wọ́n fẹ́ fún lọ, wọ́n sì tún wúwo jù wọ́n lọ. Báwo ló ṣe jẹ́? Wọ́n ti fàyè gba àwọn tíṣà pé tí wọ́n bá rí i pé àwọn ọmọ tó jẹun kánú ti pọ̀ jù lápá kan, kí wọ́n pààrọ̀ díẹ̀, àwọn tíṣà wá ń wo àwọn ọmọ tálákà tí ebi ń pa, àánú wọn ṣe wọ́n, wọ́n sún wọn sápá ibi tí mílíìkì wà. Èmi ò bá wọn wí, ta ló máa rí ọmọ tí ebi ń pa tí ò ní fún un. Àmọ́ látìgbà yẹn kò sẹ́ni tó lè fọkàn balẹ̀ sọ iye tí mílíìkì ṣe fúnra ẹ̀. Ìwọ̀n wíwúwo gan-an dàrú, torí taṣọtaṣọ ni wọ́n wọ̀n wọ́n, aṣọ òtútù loṣù kejì, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ loṣù kẹfà, ọmọ olówó ló sì ní aṣọ òtútù tó nípọn tó máa bọ́ sílẹ̀. Gosset ní ká ní ìbejì tó jọra délẹ̀ 50 péré ni wọ́n lò, kí ọ̀kan mu kí èkejì má mu, ìdáhùn á dájú jù bẹ́ẹ̀ lọ, owó táwọn náà máa ná ò sì ní pọ̀ tó yẹn.

Nítorí náà tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé ọmọ ilé kan tó ń mu mílíìkì ga ju tiyín lọ, ẹ bi í pé kí lọmọ yẹn tún ń jẹ? Ṣé ẹyin ò sí ńbẹ̀, ṣé ibà ń dá a wólẹ̀ lóṣooṣù bíi tàwọn yòókù, ṣé omi kànga tó lẹ́gbin ló ń mu? Ilé tó lówó mílíìkì sábà máa ń lówó nǹkan mìíràn náà.

Ọmọ wo ló ń ṣe láǹfààní?

Ní Ẹ́ḿbù ní Kẹ́ńyà, wọ́n lo iléèwé 12. Oúnjẹ tí wọ́n gbé sílẹ̀ ni gítẹ́rì, àgbàdo pẹ̀lú ẹ̀wà, ẹ ṣáà pè é ní àdàlú tiwọn. Àwọn iléèwé kan gba gítẹ́rì pẹ̀lú ẹran, àwọn kan pẹ̀lú ife mílíìkì, àwọn kan pẹ̀lú òróró, àwọn kan ò gba nǹkan kan. Lẹ́yìn bí ọdún méjì, tí ẹ bá wo gbogbo àwọn ọmọ pa pọ̀, mílíìkì ò fi bẹ́ẹ̀ yí gíga wọn padà. Àmọ́ láàárín àwọn tó ti kúrú ju ọjọ́ orí wọn lọ látìbẹ̀rẹ̀, àwọn tó mu mílíìkì fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 1.3 ga ju àwọn tí ò gba nǹkan kan lọ. Àwọn tó jẹ ẹran ní tiwọn ló ní iṣan jù, wọ́n sì ṣe dáadáa jù nínú ìdánwò. Ìyẹn ni pé ọmọ tí àìjẹunkánú ti dá dúró ni mílíìkì ń ràn lọ́wọ́ láti lé ẹgbẹ́ ẹ̀ bá, ọmọ tó ti ń jẹ ẹyin, ẹja àti ẹ̀wà déédéé ò ní fi bẹ́ẹ̀ rí ìyàtọ̀.

Ìwádìí kan tún wà ní Ùgáńdà tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2023, lórí ọmọ 750 tó wà láàárín ọdún 1 sí 5 tí wọ́n kúrú jù. Ọ̀sẹ̀ 12 ni wọ́n fi fún ọ̀pọ̀ nínú wọn ní oúnjẹ ẹlẹ́pà kan tí wọ́n ti fi fítámì àti àwọn èròjà míì sí, àwọn kan gba èyí tó ní purotéènì mílíìkì, àwọn kan gba ti sóyà. Àwọn tó jẹ ẹ́ fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 0.56 ga ju àwọn tí ò jẹ ẹ́ lọ, àmọ́ ti mílíìkì ò ju ti sóyà lọ. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ń gbin sóyà àti ẹ̀pà gbọ́ ìyẹn dáadáa.

Bí ẹ ṣe máa fún ọmọ

Ife kan lójúmọ́ tó fún ọmọ tó ti lé lọ́dún kan. Tí páúdà bá ni, nǹkan bíi gíráàmù 30 ló máa sọ omi ife kan di mílíìkì gidi, ìyẹn nǹkan bíi ṣíbí ìmùkọ mẹ́rin, kì í ṣe ṣíbí kan tí wọ́n fi ń pa tíì láwọ̀ dà. Ẹ yí ẹ̀yìn páálí, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ purotéènì sí: nínú gíráàmù 100, mílíìkì páúdà gidi máa ń ní bíi 24. Tí ẹ bá rí 5 àbí èyí tí ò tó bẹ́ẹ̀, òróró àti ṣúgà ni wọ́n lọ̀ pọ̀, ó dùn nínú tíì lóòótọ́ àmọ́ nǹkan tí a ń sọ níbí ò sí nínú ẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra mílíìkì lọ́wọ́ àwọn Fúlàní, àbí tí ẹ ń fún màálù tiyín, ẹ sè é kó hó kẹ́ẹ tó fún ọmọ, torí ikọ́ ẹ̀gbẹ àti àwọn àìsàn màálù míì ń gba inú ẹ̀ wọlé. Tí inú ọmọ bá ń kùn tàbí ó ń ṣu gbuuru lẹ́yìn tó mu ún, ẹ fún un ní wàrà. Bí wọ́n ṣe ń fi omi ewé bomubomu mú mílíìkì dì, purotéènì ló pọ̀ jù nínú nǹkan tó dì yẹn, ṣúgà mílíìkì tó ń da inú rú á bá omi ẹ̀ lọ. Ẹ dín in dáadáa, torí omi tí wọ́n ń rẹ wàrà sí lọ́jà, ẹ ò mọ ibi tí wọ́n ti pọn ọ́n.

Ọmọ tí ò tíì pé ọdún kan, ọmú ni o, mílíìkì màálù kọ́. Kò ní áyọ́ọ̀nù tó, ó sì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa jò díẹ̀díẹ̀ nínú ìfun ọmọ tí ẹ ò ní rí i. Àwọn tó ti dàgbà díẹ̀ náà, kó má ju ife méjì lọ, torí ikùn tó kún fún mílíìkì ò ní gba ẹ̀fọ́, ẹran àti ẹ̀wà, ọmọ á wá máa funfun lójú, á máa rẹ̀ ẹ́.

Wíwọn ọmọ

Ìyá kan pè mí nígbà kan pé mílíìkì ti mú kí ọmọ òun obìnrin ọdún 7 kúrú sí i. Ó wọ̀n ọ́n loṣù kìíní, 114, ó wọ̀n ọ́n loṣù karùn-ún, 113. Mo débẹ̀, mo bi í bí irun ọmọ ṣe rí loṣù kìíní yẹn. Ó ní ó di ṣùkú, ó sì wọ sílípáàsì. Ìyẹn nìkan ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ, mílíìkì ọdún kan sì rèé, mìlímítà 4! Àárọ̀ tún yàtọ̀ sí ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yìn èèyàn máa ń wọlé díẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú.

A tún un wọ̀n: ó bọ́ bàtà, irun wálẹ̀, gìgísẹ̀ àti ìdí àti ẹ̀yìn kan ògiri tí ò tẹ̀, ojú ń wo iwájú, mo gbé ìwé líle lé e lórí kó ṣe igun pẹ̀lú ògiri, mo fi pẹ́ńsù fàlà, mo wá fi téèpù irin wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀. 113.1. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, 113.0. Ní ọdún kan géérégé, láàárọ̀, lójú ògiri yẹn náà, ó di 118.4. Sẹ̀ǹtímítà 5.3, ó dára. Ìyá ẹ̀ ní mílíìkì ni, èmi sì sọ fún un pé mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀, torí ọdún kan náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní ẹyin, àwọ̀n ẹ̀fọn sì ti wà lórí ibùsùn wọn.

Ẹ máa wọ̀n wọ́n lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ẹ kọ déètì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ lára ògiri. Ọmọ tó ti lé lọ́dún 5 tí ò ga tó sẹ̀ǹtímítà 4 láàárín ọdún kan gbáko, ẹ má kàn fi mílíìkì kún mílíìkì, ẹ gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà pẹ̀lú àwọn nọ́ńbà tẹ́ ẹ kọ sílẹ̀ yẹn.