Àṣìṣe tí àwọn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ máa ń ṣe nídìí iṣẹ́ ìdàkọ ohùn

Iṣẹ́ ìdàkọ kò ju pé kí o gbọ́ ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀, kí o sì tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà. Ìṣirò owó rẹ̀ ni àwọn tuntun kọ́kọ́ máa ń ṣì. Wọ́n á rí i pé sẹ́ǹtì 50 ni ìṣẹ́jú kan, wọ́n á ní wákàtí kan ti di dọ́là 30 nìyẹn, wọ́n á sì ti máa ná an lọ́kàn. Ìṣẹ́jú ohùn ni wọ́n ń sanwó rẹ̀, kì í ṣe ìṣẹ́jú tí o fi jókòó tì í.

Ẹni tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì láìkánjú máa ń sọ tó 150 ọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú kan, ohùn ìṣẹ́jú 10 á wá jẹ́ 1,500 ọ̀rọ̀. Bí ọwọ́ rẹ bá ń tẹ 40 ọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú kan, títẹ̀ lásán á gbà ju ìṣẹ́jú 37 lọ, o ò sì tíì dá ohùn padà lẹ́ẹ̀kan. Fi dídá padà àti àtúnyẹ̀wò kún un, ó ti di wákàtí kan. Bí ohùn bá mọ́ gaara, ohùn wákàtí kan á gba alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wákàtí 6. Dọ́là 30 ọjọ́sí ti di dọ́là 5 fún wákàtí kan. Bí èèyàn mẹ́rin bá ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ara wọn, tí jẹnẹrétọ̀ sì ń bú lẹ́yìn, ó lè di wákàtí 10, owó náà á já sí dọ́là 3. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ọn dáadáa pàápàá máa ń lo bíi wákàtí 4. Nítorí náà, má gba fáìlì láìgbọ́ díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, láàárín àti nípàrí rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ nìkan máa ń tan èèyàn jẹ.

Má fi sípíkà kọ̀ǹpútà gbọ́ ọ. Hẹ́dífóònù oníwáyà tó bo gbogbo etí ni kí o wá; kò nílò kí a máa ṣáàjì rẹ̀. Pẹ́dàlì ẹsẹ̀ tí wọ́n fi ń dá ohùn dúró dára, àmọ́ kì í ṣe òun ló yẹ kí o fi owó àkọ́kọ́ rà. Ohun tó ń jẹ àkókò ni kí ọwọ́ máa kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù lọ sórí máòsì. Bí o bá dá ohùn dúró nígbà 300 nínú fáìlì kan, tí ìkọ̀ọ̀kan sì jẹ ìṣẹ́jú-àáyá 3, ìṣẹ́jú 15 ti ṣòfò nìyẹn. Nínú oTranscribe, ohun èlò ìdàkọ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ ọ̀fẹ́, `Esc` ló ń dá ohùn dúró tó sì ń tún un tàn, `Ctrl+J` sì ń fi àkókò síbi tí o wà.

Ní ti ìpéye, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé iṣẹ́ fúnni ló ń béèrè ìdá 98 tàbí 99 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú 1,500 ọ̀rọ̀ yẹn, ìdá 98 fàyè gba àṣìṣe 30, ìdá 99 kò fàyè gbà ju 15 lọ. Ṣùgbọ́n àṣìṣe kò tóbi bákan náà. Gba ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò Yorùbá kan yẹ̀ wò, níbi tí ìyálọ́jà ti sọ pé, "A ò gbowó lọ́wọ́ wọn." Bó bá sọ ọ́ kíákíá, tí ọkadà kọjá lákòókò yẹn, "ò" yẹn á rì, ẹni tó ń tẹ̀ á kọ "A gbowó lọ́wọ́ wọn." Àṣìṣe kan péré ni, àmọ́ ó ti sọ obìnrin náà di ẹni tó ń gba owó. Dín eré ohùn kù sí ìdá 75, gbọ́ gbólóhùn tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e. Bí kò bá yé ọ síbẹ̀, má méfò. Kọ àmì tí ẹni tó gbé iṣẹ́ fún ọ ní kí o lò, irú bíi `[inaudible 00:04:17]`, kí o máa bá iṣẹ́ lọ. Àmì yìí kì í ṣe ìtìjú. Àbá tí kò tọ̀nà ló ń mú kí wọ́n dá iṣẹ́ padà.

Má ṣe tún gírámà ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ṣe. Bó bá sọ pé "wọ́n ti káńsù ẹ̀," má yí i sí "wọ́n ti fagi lé e." Béèrè kí o tó bẹ̀rẹ̀ bóyá wọ́n fẹ́ kí "ẹẹ̀n" àti àkólòlò wà níbẹ̀ tàbí kí o yọ wọ́n. Bó bá jẹ́ Yorùbá, béèrè bóyá wọ́n fẹ́ àmì ohùn, kí ẹ tó dúnàádúrà, torí títẹ àmì lórí gbogbo ọ̀rọ̀ ń fa iṣẹ́ gùn gan-an.

Lẹ́yìn tí o bá parí, tún gbọ́ ohùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin bí o ti ń ka ohun tí o tẹ̀. Ibẹ̀ ni orúkọ èèyàn tí o kọ ní ọ̀nà méjì ti máa ń yọjú.

Ẹni tó bá ní kí o san owó ìforúkọsílẹ̀ kó tó fún ọ níṣẹ́, fi í sílẹ̀. Kí o tó ṣe ìdánwò níbikíbi, wò ó bóyá wọ́n ń gba ará orílẹ̀-èdè rẹ, àti ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sanwó; ẹlòmíràn ti yege ìdánwò tán kó tó mọ̀ pé owó náà kò lè dé báńkì òun.