Bí owó ọjà àwìn kò bá ní pé lọ́jọ́ àdéhùn: bí a ṣe ń kọ̀wé sí ẹni tó kó ọjà fún wa

Ká ní ìyá kan ń ta ìrẹsì ní Ọjà Jagun, l'Ógbòmọ̀ṣọ́. Alhaja kan ní Ìlọrin ló kó báàgì mẹ́ta fún un láwìn, ₦210,000, kó san án ní ọjọ́ Ẹtì, 12 Oṣù Kẹsàn-án. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yẹn, ₦80,000 péré ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn olóúnjẹ ẹ̀gbẹ́ LAUTECH ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú ìrẹsì náà láwìn lọ́wọ́ rẹ̀, wọn kò tíì san, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ti lọ fún ìsinmi.

Ọjọ́ tuntun ni kó kọ́kọ́ wá, kó tó kọ ohunkóhun. Kó má gbọ́kàn lé àwọn olóúnjẹ. Ìlérí wọn kì í ṣe owó. Àmọ́ àjọ rẹ̀ kàn án lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, 23, ₦150,000. Ìyẹn ká ₦130,000 tó kù. Síbẹ̀, kó má dá ọjọ́ 23: alájọ lè pẹ́, nẹ́tíwọ̀kì báńkì sì lè ṣe tiẹ̀. Kó dá Ọjọ́bọ̀, 25.

Lẹ́yìn náà, kó fi ₦80,000 ránṣẹ́. Kí àlẹ́ẹ̀tì ti wọlé kí ọ̀rọ̀ tó dé. Ọjọ́ Ajé náà ni kó kọ̀wé, kó má dúró di ọjọ́ Ẹtì tí Alhaja yóò ti máa retí owó:

“Ẹ káàárọ̀ mà, Alhaja. Ẹ kú ọjà o. Ìyá Bọ́lá ni, oníresì Ọjà Jagun. Ẹ jọ̀ọ́ mà, owó báàgì mẹ́ta tí a fi sí ọjọ́ Ẹtì, 12, kò ní lè pé. Àwọn olóúnjẹ tó gbà lọ́wọ́ mi kò tíì san, torí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà ní ìsinmi. Mo ti fi ₦80,000 ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí, ó ku ₦130,000. Màá san án tán ní Ọjọ́bọ̀, 25. Àjọ mi ni màá fi san án. Ṣé ọjọ́ náà tẹ́ yín lọ́rùn? Ẹ má bínú mà.”

Gbólóhùn kan ti tó fún ìdí. Bí a bá ti ń da àìsàn ọmọ àti owó ilé pọ̀ mọ́ ọn, àwáwí ni yóò dà létí ẹni tó ń kà á. “Láìpẹ́” àti “lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀” kò wúlò fún Alhaja, torí òun náà jẹ ẹlòmíràn lówó. Kó má sì tọrọ ọjà tuntun nínú ìwé kan náà.

Àgbà ni Alhaja, nítorí náà kó tún pè é kó tó di ọ̀sán, kó fi ohùn bẹ̀ ẹ́. Bí Alhaja bá ní ọjọ́ 25 ti jìnnà jù, kó má gba ọjọ́ tí kò sí owó nídìí rẹ̀. Kó kúkú sọ pé òun yóò fi ₦20,000 ránṣẹ́ lọ́jọ́ 18 nínú ohun tí òun bá tà, kí ìyókù dúró di 25. Lọ́jọ́ tó bá san án tán, kó ní kí Alhaja fagi lé gbèsè náà nínú ìwé rẹ̀.