Àṣìṣe tí àwa atẹ-kíbọ́ọ̀dù máa ń ṣe nídìí òbíríkítí ìkarùn-ún

Ọmọkùnrin kan tí mo ń kọ́ sọ fún mi nígbà ìdánrawò kuaya pé, "Bọ̀dá, ẹ jẹ́ ká gbé orin yìí láti C lọ sí D♭. Wọ́n kúkú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn." Lórí kíbọ́ọ̀dù, òótọ́ ló sọ: eyín funfun kan, eyín dúdú kan. Ó tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sì fún wọn ní àmì kankan. Àwọn sòpúránò bá a lọ, àwọn tẹ́nọ̀ dúró sí C, àwọn báàsì ní tiwọn dákẹ́ jẹ́ẹ́.

Má ṣe fi ọwọ́ wọn jíjìnnà kíì sí kíì. Orí òbíríkítí ìkarùn-ún, àwòrán tó to àwọn kíì tẹ̀ lé ara wọn ní ohùn karùn-ún karùn-ún, la ti ń wọ̀n ọ́n. Ya nǹkan róbótó bí ojú aago. Kọ C sí ibi agogo méjìlá. Sí apá ọ̀tún ni G, D, A, E àti B ń tẹ̀ lé ara wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fi ṣáàpù kan kún ti èyí tó ṣáájú. Sí apá òsì, F ní fúláàtì kan, B♭ méjì, E♭ mẹ́ta, A♭ mẹ́rin, D♭ márùn-ún. Ní ìsàlẹ̀ pátá, F♯ (ṣáàpù mẹ́fà) àti G♭ (fúláàtì mẹ́fà) pàdé: eyín kan náà, orúkọ méjì.

Wo C àti G báyìí. Ohùn méje ni C ní, mẹ́fà nínú wọn sì wà nínú G. F nìkan ló di F♯. Àmọ́ C àti D♭ kò ní ju ohùn méjì lọ tó pa wọ́n pọ̀, F àti C fúnra rẹ̀. Ìdí rèé tí etí àwọn akọrin fi já kúrò.

Láti C lọ sí G, ohun tí mo máa ń tẹ̀ ni kọ́ọ̀dù C, lẹ́yìn náà A máínọ̀, D7, G. A máínọ̀ ni gbogbo iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Là ni nínú C, ó sì tún jẹ́ rè nínú G, nítorí náà kò sí ẹni tó mọ̀ pé a ti kọjá ẹnubodè títí F♯ inú D7 fi dún. Kì í ṣe pé D♭ kò ṣeé lọ. Tẹ A♭7 ṣáájú rẹ̀, jẹ́ kó dúró díẹ̀, kí o sì ti sọ fún kuaya tẹ́lẹ̀.

Àṣìṣe kejì wà nínú kíkà. Àwọn kan máa ń ka márùn-ún lórí eyín funfun nìkan, wọ́n á dé B, wọ́n á kọ F tẹ̀ lé e. Eyín méje, dúdú àti funfun, ni ìṣísẹ̀ kan lórí òbíríkítí. Láti B sí F, mẹ́fà péré ni. F♯ ló pé méje. Bákan náà ni tòsì: sọ̀ kalẹ̀ ní méje láti F, B♭ lo máa bá, kì í ṣe B.

Ẹni tó bá mọ dò-rè-mí kò nílò láti há àwòrán náà sórí. Ṣáàpù tó gbẹ̀yìn nínú àmì kíì ni tí, dò wà ní ìdajì ohùn lókè rẹ̀. Tó o bá rí F♯ àti C♯, C♯ ni tí, D ni dò. Fúláàtì tó gbẹ̀yìn ni fà. B♭ àti E♭ wà níbẹ̀? E♭ ni fà, kà á sílẹ̀: mí, rè, dò, o dé B♭.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni ti máínọ̀. Wọ́n á ní C máínọ̀ ni ẹnìkejì C méjọ̀ torí pé orúkọ wọn jọra. Fúláàtì mẹ́ta ni C máínọ̀ ní, ilé E♭ ló ń gbé. A máínọ̀ ló ń bá C gbé. Nítorí náà, ẹni tó rí ṣáàpù kan kò gbọdọ̀ yára kígbe pé G nìyẹn, torí E máínọ̀ náà ṣáàpù kan ló ní. Wo ohùn tí báàsì fi parí orin. Tó bá jẹ́ E, tí D♯ sì ń yọjú lóòrèkóòrè láàárín orin, E máínọ̀ ni.