Ẹ yé fi tágẹ́ẹ̀tì ra èlò: àwọn àṣìṣe tí mò ń rí nínú ìpàdé ètò oṣooṣù

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ọmọkùnrin kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣe aṣètò ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìsọlọ̀ gbé tábìlì Ẹ́ksẹ́ẹ̀lì rẹ̀ wá bá mi, pé kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò kí ìpàdé oṣù yìí tó bẹ̀rẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo ni mo wò tí mo fi dá a padà. Iye tó kọ síbi ohun tí wọ́n máa tà bá iye inú bọ́jẹ́ẹ̀tì mu láti oṣù kìíní títí dé oṣù kejìlá, páálí kan ò yàtọ̀. Mo ní, "Àbúrò, ta ló sọ fún ọ pé ọjà máa ń gbọ́ràn sí bọ́jẹ́ẹ̀tì lẹ́nu?" Ó bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín, torí mo mọ iye tí irú tábìlì bẹ́ẹ̀ ti gbà lọ́wọ́ àwa.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí ti mọ bí ìpàdé náà ṣe ń lọ. Ẹ̀ka ìtajà á kọ́kọ́ sọ ohun tí ọjà fẹ́, àwọn tó ń ṣe ọjà á sọ ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe, wọ́n á wo iye tó yẹ kó wà ní sítọ̀ọ̀, ẹ̀ka owó á sọ ọ́ di náírà, ọ̀gá pátápátá á sì fọwọ́ sí i. Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í ṣe ni mo fẹ́ sọ. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń di mílíìkì sínú sáṣẹ́ẹ̀tì ni mo ti jìyà tèmi, òun ni mo sì máa fi ṣe àpẹẹrẹ. Àwọn àṣìṣe náà nìyí.

1. Kí ọ̀gá tó lè fọwọ́ sí owó má wá. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ tú ká, ẹ lọ jẹun.

2. Kí ẹ máa wo oṣù tó ń bọ̀ nìkan. Oṣù mẹ́ta gbáko ni ìyẹ̀fun mílíìkì wa máa ń lò láti ọjọ́ tí a bá pàṣẹ rẹ̀ sí òkè òkun títí tí kọ́ńténà á fi jáde ní Àpápá. Ohunkóhun tí ẹ bá sọ nípa oṣù tó ń bọ̀, ọkọ̀ ti gbé èlò rẹ̀ wọ orí omi. Oṣù kẹrin síwájú ni ẹnu yín ti tó nǹkan. Ẹ wo ó kéré tán oṣù méjìdínlógún.

3. Kí ẹ sọ tágẹ́ẹ̀tì di ìfojúdíwọ̀n. Ẹ jẹ́ kí n jókòó sórí èyí dáadáa.

Tágẹ́ẹ̀tì ni iye tí ọ̀gá fẹ́ kí àwọn olùtajà lé bá, òun náà ni wọ́n fi ń ṣírò bónọ́ọ̀sì wọn. Ìfojúdíwọ̀n ni iye tí a gbà lóòótọ́ pé ọjà máa fà. Ó dára kí èkíní ga. Bí ẹ bá fi èkíní ra ìyẹ̀fun, ẹ ti fi ìfẹ́ inú ọ̀gá ra ọjà nìyẹn.

Lọ́dún kan, tágẹ́ẹ̀tì wa jẹ́ 48,000 páálí lóṣù. Ọ̀gá ẹ̀ka ìtajà dìde, ó tún so táì rẹ̀, ó ní 48,000 ni àwọn máa tà. Ọ̀gá ẹ̀rọ ṣírò tirẹ̀ lójú gbogbo wa. Ẹ̀rọ mẹ́rin la ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń di 60 sáṣẹ́ẹ̀tì ní ìṣẹ́jú kan, 120 ló wà nínú páálí, ìyẹn 30 páálí ní wákàtí kan. A máa ń ṣiṣẹ́ wákàtí 16 lójúmọ́, ọjọ́ 26 lóṣù. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 49,920. Ó ní, "Ẹ̀rọ á gbà á, sà." Gbogbo wa mí kanlẹ̀. Èmi aṣètò kọ 48,000 sílẹ̀, mo tún fi àwọ̀ ewé kùn ún kó lè dùn ún wò.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ohun tí a tà nìyí: 36,500, 35,200, 37,000, 35,300. Ẹ ṣe àròpọ̀ rẹ̀, 144,000 ni. Èlò 192,000 la sì ti pàṣẹ rẹ̀. Ohun tó ṣẹ́ kù, yálà ní ìyẹ̀fun tàbí ní páálí tí a ti dì, jẹ́ 48,000, odindi tágẹ́ẹ̀tì oṣù kan. Èlò páálí kan ń lọ sí nǹkan bí ₦10,000 nígbà náà, ìyẹn ni pé ₦480 mílíọ̀nù jókòó sí sítọ̀ọ̀ tí eku ń wò ó. Owó báǹkì ni. Ní èlé 30% lọ́dún, ₦12 mílíọ̀nù là ń san lóṣooṣù nítorí ìyẹ̀fun tí ẹnikẹ́ni ò béèrè.

Ohun tó dùn mí jù ni pé láti oṣù kìíní la ti rí i. Ṣùgbọ́n èlò oṣù kejì, ìkẹta àti ìkẹrin ti wà lójú omi. Ẹni tó bá fi tágẹ́ẹ̀tì pàṣẹ, tó wá jí lónìí, oṣù mẹ́ta ló ṣì máa fi gba ẹrù àṣìṣe rẹ̀ wọlé.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti ń ṣẹlẹ̀ sí yín? Ẹ kọ ohun tí ẹ sọ pé ẹ máa tà, ẹ kọ ohun tí ẹ tà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ wá kọ ìyàtọ̀ wọn pẹ̀lú àmì ìròpọ̀ tàbí ìyọkúrò. Tiwa nìyí: −11,500, −12,800, −11,000, −12,700. Ìfojúdíwọ̀n tó jẹ́ olóòótọ́ máa ń ṣìnà sókè lóṣù kan, á ṣìnà sísàlẹ̀ lóṣù mìíràn. Èyí tó bá ń ṣìnà síbì kan náà ní gbogbo ìgbà, ẹnìkan ló ń tì í.

Ohun tí a wá ṣe ni pé a ya òpó méjì sọ́tọ̀ nínú tábìlì. Tágẹ́ẹ̀tì dúró sínú tirẹ̀ fún bónọ́ọ̀sì, ìfojúdíwọ̀n dúró sínú tirẹ̀ fún ríra èlò. Àlàfo 12,000 tó wà láàárín wọn, ẹ̀ka ìtajà gbọ́dọ̀ sọ ohun tó máa dí i: ṣé ọjà tuntun ni, ṣé ẹ̀dínwó ni, ọjọ́ wo ló máa bẹ̀rẹ̀, èló ni wọ́n máa ná sí i? Èyí tí wọ́n bá rí ìdáhùn fún la máa ń gbé kọjá sínú ìfojúdíwọ̀n. "Ọlọ́run á ṣe é" kì í kọjá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo máa ń ṣe àmín sí i.

Àwọn kan á ní nígbà tí wọ́n tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023, àwọn tó kó èlò jọ ni wọ́n jèrè. Òótọ́ ni. Ẹ fi í sínú ètò ní tààrà nígbà náà, pé ẹ̀ka owó fẹ́ fi iye báyìí ra èlò sílẹ̀ nítorí dọ́là, kí ọ̀gá fọwọ́ sí i. Ẹ má fi pamọ́ sábẹ́ irọ́ pé ọjà máa tà. Ìyẹ̀fun mílíìkì ní ọjọ́ tó máa bàjẹ́, dọ́là ò ní.

Kí n tó kúrò níbẹ̀: ẹ̀rọ wa ò ṣe 49,920 rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e dé. Bí a bá yọ àkókò tí a fi ń pààrọ̀ ọ̀rá, èyí tí a fi ń fọ ẹ̀rọ, àti èyí tí iná fi ń lọ kí jẹnẹrétọ̀ tó gbà á, ìdá mẹ́rin nínú mẹ́rin kì í ṣẹ́ kù. Ìdá mẹ́ta ló ń kù, ìyẹn 37,440. Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ṣe ní oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, ẹ má bi wọ́n léèrè ohun tí ìwé ẹ̀rọ sọ.

4. Kí ẹ ka ìwé owó tí ẹ kọ fún oníbàárà sí ọjà tó ti tà. Ní ọjọ́ méjì tó kẹ́yìn oṣù, àwọn olùtajà á kó ẹrù ta àwọn oníbàárà ńlá láwìn kí tágẹ́ẹ̀tì lè pé. Mo lọ sí ọjà Òkè-Àrìn lọ́jọ́ kan, mo bá Àlàájà kan tí páálí wa kún ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ débi pé orí páálí ló jókòó sí. Mo dọ̀bálẹ̀ kí wọn, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mu eléyìí tán ná." Wọ́n bẹ̀rẹ̀ oṣù pẹ̀lú 900 páálí, wọ́n rà 1,500, ó ku 1,300 nílẹ̀. Nínú ìwé wa, 1,500 la kọ sílẹ̀ pé wọ́n tà. 1,100 ni wọ́n tà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka ohun tó kù nílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn oníbàárà mẹ́wàá tó tóbi jù kí n tó fọwọ́ kan nọ́ńbà kankan.

5. Ààwẹ̀. Èyí tèmi gan-an ni, mi ò lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ààwẹ̀ Ràmàdáánì máa ń fi bí ọjọ́ mọ́kànlá tètè dé sí i lọ́dọọdún, ó sì jẹ́ àkókò tí mílíìkì ń yá jù. Ní 2024, ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta. Ní 2025, ọjọ́ kìíní oṣù náà ni. Àwọn oníṣòwò máa ń ra tiwọn sílẹ̀ ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, nítorí náà ní 2024 oṣù kejì àti ìkẹta pín in, ní 2025 gbogbo rẹ̀ bọ́ sí oṣù kejì. Èmi akọ̀wé gíga, mo da nọ́ńbà oṣù kẹta 2024 kọ sí oṣù kẹta 2025. Kí oṣù kejì tó parí, sítọ̀ọ̀ wa ti mọ́ fonífoní. Nígbà tí ọjà wá dé, àwọn èèyàn ti ń fi mílíìkì ilé iṣẹ́ mìíràn ṣínu. Ní báyìí, kàlẹ́ńdà ààwẹ̀ ọdún méjì tó ń bọ̀ ni mo lẹ̀ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi.

Kí ẹ máa tọ́jú èyí tí ẹ lè fi ọjọ́ 30 tà sí sítọ̀ọ̀, láìka irú ọjà tó jẹ́ sí: ọ̀lẹ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tó ń tà déédéé lè dúró sí ọjọ́ 12, èyí tó ń fò sókè fò sílẹ̀ ló nílò púpọ̀.

Kí ẹ̀ka owó máa rí nọ́ńbà fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìpàdé: wọ́n á fi wákàtí méjì béèrè ìbéèrè. Ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú.

Àti èyí tó kẹ́yìn, èyí tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìpàdé. Gbogbo wa ti fọwọ́ sí 36,000, mo ti dé orí Afárá Kẹta nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ni Wọ́sáàpù dún. Ọ̀gá ẹ̀ka ìtajà ni: "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi 5,000 kún un, ẹ má sọ fún wọn." Mo fèsì pé kí wọ́n mú un wá sípàdé oṣù tó ń bọ̀. Wọ́n fi àwòrán ojú tó ń sunkún ránṣẹ́, mo pa fóònù.