Má fi àárọ̀ Sọ́ńdè san gbèsè oorun

Ẹni tí kò rí oorun sùn dáadáa lánàá á ní, "Lálẹ́ òní, aago 9 ni mò ń sùn." Á wọ yàrá, á pa iná, á wá máa wo àjà títí di aago 11. A lè fi tipátipá jí èèyàn, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè fi tipátipá sùn. Ohun tó yẹ ká dì mú ni wákàtí tí à ń jí.

Nínú ọpọlọ, lókè díẹ̀ síbi tí iṣan ojú méjèèjì ti kọjá ara wọn, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí wọ́n ń ka wákàtí fún gbogbo ara. Aago ara nìyẹn. Lára ọ̀pọ̀ èèyàn, ó máa ń falẹ̀ díẹ̀, wákàtí 24 kì í tó o yí po. Ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ tó bá gba ojú wọlé ló ń tì í kó lè bá ọjọ́ mu. Ìmọ́lẹ̀ alẹ́ sì tún ń fà á sẹ́yìn. Yàtọ̀ sí èyí, látìgbà tá a bá ti jí ni oorun ti ń kóra jọ díẹ̀díẹ̀. Lára àgbàlagbà, ó tó nǹkan bíi wákàtí 16 kó tó kún.

Ẹ jẹ́ ká wo obìnrin kan tó ń ti Ìkòròdú lọ síbi iṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó. Aago 5 ìdájí ló ń jí, kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ má baà ká a mọ́ ọ̀nà. Ó lọ òde ìnáwó ní Sátidé, ó wá sùn di aago 10 àárọ̀ Sọ́ńdè. Ẹ ka wákàtí 16 láti aago 10: aago 2 òru ni. Gbèsè oorun tó ti jẹ lè mú kó yá díẹ̀, àmọ́ nígbà tó dùbúlẹ̀ ní aago 9 alẹ́, wákàtí 11 péré ló tíì lò lójúfò. Ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ pàápàá ti kọjá lórí rẹ̀ nínú yàrá oníkọ́tìnnì. Mọ́ńdè wá di ọ̀tá. (Mọ́ńdè ò ṣe nǹkan kan.)

Ká ní ó jí ní aago 6, tó jáde sí ìta bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́, tó wá rẹjú fún ogún ìṣẹ́jú lọ́sàn-án kí aago 3 tó lù, oorun ì bá kùn ún lálẹ́ Sọ́ńdè láìsí wàhálà.

Àṣìṣe kan tún wà lódìkejì: kéèyàn máa jí ní aago 5 lójoojúmọ́, kó sì máa fi fóònù lé oorun lọ títí di òru. Wákàtí jíjí tí kò yẹ̀ kò sọ oorun wákàtí márùn-ún di méje. Tó o bá ti ń yán, lọ sùn.

Ìmọ̀ràn yìí kò bá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru mu bẹ́ẹ̀. Ẹni tó sì ń hanrun, tí èémí ń há mọ́ ọn lọ́fun lójú oorun, tó tún ń tòògbé lọ́sàn-án bó ti wù kó sùn tó, dókítà ló yẹ kó lọ rí, kì í ṣe aago ló ń dà á láàmú.