"Kò Sí Wàhálà, Sà": Àwọn Àṣìṣe Tí Ọ̀gá Máa Ń Ṣe Lórí Òṣìṣẹ́ Tí Kì Í Kọ Iṣẹ́

Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ìṣirò owó ní Èkó, mo sì ti ń darí ẹ̀ka ìṣirò láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Òṣìṣẹ́ tí ó ń pẹ́ dé tàbí tí ó ń yẹ iṣẹ́ sílẹ̀ kì í ṣòro fún ọ̀gá láti dá mọ̀. Ẹni tí ojú wa kì í sábà tó ni ẹni tí a gbé iṣẹ́ fún ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, tí ó sì dáhùn pé, "Kò sí wàhálà, sà." Ohun tí ó máa ń mú irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará ọ́fíìsì ń pè ní bọ́ọ̀nàòtù. Àárẹ̀ iṣẹ́ ni èmi ń pè é, àárẹ̀ tí ènìyàn sùn lé lórí ní alẹ́ tí ó sì bá a jí ní òwúrọ̀. Obìnrin kan wà lábẹ́ mi tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ìbejì, orí rẹ̀ ni mo sì ti ṣe gbogbo àṣìṣe tí mo fẹ́ sọ yìí.

Má ṣe dúró de ìgbà tí iṣẹ́ yóò bàjẹ́

Ní ọdún 1974, onímọ̀ ìrònú ọmọ ènìyàn kan tí ń jẹ́ Herbert Freudenberger kọ̀wé nípa ohun tí ó rí lára ara rẹ̀ àti lára àwọn tí wọ́n jọ ń yọ̀ǹda ara wọn ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú ọ̀fẹ́ kan ní ìlú New York. Ohun tí ó sọ nígbà náà ni pé àwọn tí wọ́n fi tọkàntọkàn ṣiṣẹ́ gan-an ni àárẹ̀ yìí máa ń tètè mú. Mo ti ka èyí rí, mo sì gbà á gbọ́, síbẹ̀ bí iṣẹ́ Ìyá Ìbejì ṣe ń jáde ni mo fi ń díwọ̀n ara rẹ̀.

Iṣẹ́ òṣìṣẹ́ olóòótọ́ ni ohun tí yóò bàjẹ́ kẹ́yìn. Oorun rẹ̀, oúnjẹ rẹ̀, ẹ̀rín rẹ̀ àti ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ fi tán kí ó tó jẹ́ kí ìṣirò kan ṣì. Àwọn àgbà ní ẹ̀jẹ̀ ni ó ń bẹ nínú tí a fi ń tu itọ́ funfun jáde. Nítorí náà, iye tí iṣẹ́ náà ń ná an ni kí ọ̀gá máa wò, kì í ṣe bóyá iṣẹ́ náà dé.

Owó oṣù òṣìṣẹ́ 140 ni ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Bí a bá ti san owó oṣù tán, owó ìfẹ̀yìntì gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje, owó orí tí a yọ lára owó oṣù gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ìjọba kí ọjọ́ kẹwàá oṣù tí ó tẹ̀ lé e tó kọjá, ti owó orí ọjà náà sì ní ọjọ́ kọkànlélógún tirẹ̀. Ní oṣù Ṣẹẹrẹ, ọkùnrin kan fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo sì gbé ìwé àwọn onígbèsè wa lé Ìyá Ìbejì lọ́wọ́ "fún ìgbà díẹ̀". Ní oṣù Ẹrẹ́nà, mo fi àpótí owó wẹ́wẹ́ kún un. Ní oṣù Igbe, mo fi àgùnbánirọ̀ kan sọ́dọ̀ rẹ̀ kí ó máa kọ́ ọ ní iṣẹ́. Kò kọ ọ̀kankan nínú wọn, ìwé kankan kò sì pẹ́.

Ẹ̀yìn ìgbà tí gbogbo rẹ̀ ti dojú rú ni mo tó padà lọ wo ímeèlì tí ó fi ń kó ìwé owó oṣù ránṣẹ́ sí mi. Ní oṣù Ṣẹẹrẹ, aago mẹ́ta ọ̀sán kọjá díẹ̀ ni ó fi í ránṣẹ́. Ní oṣù Igbe, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti kọjá. Ní oṣù Òkúdù, aago méjì òru ni. Iye òṣìṣẹ́ kò yí padà, ìwé náà kò gùn sí i, ìṣirò inú rẹ̀ sì pé pérépéré ní ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí iṣẹ́ kan náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í gba wákàtí tí ó pọ̀ sí i lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe dunjú, tí àṣìṣe kò sì sí nínú rẹ̀, àmì nìyẹn, ó sì máa ń ṣáájú àṣìṣe àkọ́kọ́ ní oṣù mélòó kan.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan mo dúró lẹ́yìn rẹ̀ kí n lè gba ìwé kan. Ó fi bírò pupa fa ìlà sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ kan, ó lọ sí orúkọ kejì, ó padà, ó tún fa ìlà mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ èyí àkọ́kọ́. Orúkọ kan ní ìlà mẹ́ta. Fúláàsì oúnjẹ rẹ̀ wà lórí tábìlì láti àárọ̀, ọ̀rá tí ó fi wé e kò tíì tú. Mo yìn ín ní ọkàn mi pé ó mà fara balẹ̀ o. N kò mọ̀ pé kò gba ojú ara rẹ̀ gbọ́ mọ́ ni.

Má ṣe ka ìdákẹ́jẹ́ẹ́ sí ìwà pẹ̀lẹ́

Àjọ Ìlera Àgbáyé fi àárẹ̀ iṣẹ́ sínú àkójọ tuntun wọn nípa àìsàn àti ọ̀rọ̀ ìlera ní ọdún 2019, àkójọ náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2022. Wọn kò pè é ní àìsàn. Ohun tí ó ti inú iṣẹ́ wá ni wọ́n pè é, wọ́n sì sọ nǹkan mẹ́ta mọ́ ọn: kí okun ènìyàn tán, kí ọkàn rẹ̀ jìnnà sí iṣẹ́ rẹ̀ tàbí kí iṣẹ́ náà máa rí i lára, àti kí ó máa rí ara rẹ̀ bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò ká iṣẹ́ mọ́.

Èkejì yìí ni ó ń ṣi ọ̀pọ̀ ọ̀gá lọ́nà. A rò pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti kúrò lára iṣẹ́ yóò máa kanra ni, tàbí kí ó máa fi ọ̀gá ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn. Àwọn mìíràn ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí a tọ́ dàgbà láti bọ̀wọ̀ fún àgbà kì í ṣe é. Dídákẹ́ ni yóò dákẹ́. Tẹ́lẹ̀ rí, Ìyá Ìbejì a máa bá mi jiyàn. Yóò gbé ìwé dé iwájú mi, yóò ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ tún èyí wò, kò dọ́gba pẹ̀lú ti báńkì," kò sì ní í lọ títí n óò fi tún un wò. Láti nǹkan bí oṣù Èbìbí, "Bẹ́ẹ̀ náà ni, sà" ni ìdáhùn rẹ̀ sí gbogbo ọ̀rọ̀, títí kan ibi tí mo ti ṣì í. Mo tilẹ̀ sọ fún ẹnìkan pé ó ti wá balẹ̀ báyìí.

Ẹ̀kẹta náà ní ọ̀nà tí ó ń gbà jáde lẹ́nu onírẹ̀lẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì kí a tó rí àṣìṣe kankan. "Ẹ má bínú, sà" ni yóò kọ́kọ́ sọ, kí ó tó na ìwé tí kò ní àbùkù sí mi.

Má ṣe bi í léèrè níwájú èrò bóyá ara rẹ̀ le

Mo béèrè o, n kò ní purọ́. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ní, "Ìyá Ìbejì, ṣé kò sí?" Ó ní, "Kò sí, sà, a dúpẹ́." Kí ni kí ó tún sọ? Ìkíni ni a fi ń kí ara wa bẹ́ẹ̀, ìkíni náà ni ó sì dáhùn. Ẹni tí kì í kọ iṣẹ́ kò ní jẹ́wọ́ àárẹ̀ níwájú àwọn tí ń wò ó bí akíkanjú.

Ohun tí ó ṣiṣẹ́ nígbẹ̀yìn ni pé kí ilẹ̀kùn wà ní títì, kí a sì bi í nípa iṣẹ́, kì í ṣe nípa ara rẹ̀. Mo ní kí ó kọ gbogbo ohun tí ó ń ṣe ní ọ̀sẹ̀ kan àti wákàtí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà. Ó kọ wákàtí 71. Mo wá bi í pé, "Bí mo bá ní kí ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ lónìí, èwo ni yóò jẹ́?" Ó wo ìwé náà fún ìgbà pípẹ́, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Ohun tí a kò gbọ́dọ̀ ṣe níbẹ̀ ni kí a sáré bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á níyànjú. Mo dákẹ́, mo sì ń dúró de ìdáhùn.

Má ṣe yára di ẹ̀bi ru ibà, má sì yára dá ibà sílẹ̀

Kí a tó dé ibẹ̀, ó ti lo oògùn ibà ní ìgbà mẹ́rin láti oṣù Ẹrẹ́nà láìṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rárá. Orí fífọ́ àti ara tí ń ro ènìyàn ni ibà lójú wa, ìyẹn náà sì ni àárẹ̀ iṣẹ́ máa ń ṣe. Mo ní kí ó lọ rí dókítà. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí ibà níbẹ̀, ṣùgbọ́n iye ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 27 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí ó yẹ kí ti obìnrin tó 36 ó kéré tán. Inú wa fẹ́rẹ̀ẹ́ dùn pé a ti rí ọ̀daràn. Ó lo oògùn ẹ̀jẹ̀, lẹ́yìn nǹkan bí oṣù méjì ààbọ̀ ẹ̀jẹ̀ náà ti pé, síbẹ̀ ìlà mẹ́ta ṣì ń wà ní ẹ̀gbẹ́ orúkọ kan, nítorí pé a kò tíì gbé iṣẹ́ kankan kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá. Àìtó ẹ̀jẹ̀ àti àárẹ̀ iṣẹ́ lè jọ wà lára ẹnìkan ṣoṣo. Dókítà ni yóò mójú tó ti àkọ́kọ́. Kò lè gba ìwé àwọn onígbèsè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọ̀gá kò sì gbọ́dọ̀ sọ ara rẹ̀ di dókítà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àárẹ̀ iṣẹ́ a máa fúyẹ́ díẹ̀ bí ènìyàn bá kúrò nítòsí iṣẹ́. Bí òṣìṣẹ́ bá sọ pé nílé pàápàá kò sí ohun tí ó dùn mọ́ òun mọ́, tàbí tí ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ayé sú, kí a mú un dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn ní ọjọ́ náà gan-an.

Má ṣe fún un ní ìsinmi kí o tún kó iṣẹ́ pamọ́ dè é

Mo ti kọ́kọ́ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan, pẹ̀lú fóònù rẹ̀ ní títàn àti ìfiránṣẹ́ Wáàsáàpù mi tí kò dáwọ́ dúró. Ó padà wá bá ìwé ọ̀sẹ̀ méjì lórí tábìlì, ó sì fi òru mẹ́ta san gbèsè ìsinmi náà. Ní oṣù yẹn ni ó gbé ìwé owó oṣù tí ó ti kọjá sí báńkì dípò tuntun, a sì san owó fún ẹnìkan tí ó ti fi wá sílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó rí i ní ìdájí, kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀.

Ní ìgbà kejì, a kọ orúkọ ẹlòmíràn sórí ìwé àwọn onígbèsè, a gbé àpótí owó wẹ́wẹ́ lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ń gbàlejò, lẹ́yìn náà ni ó tó lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí èmi sì ń dáhùn àwọn ìpè tí ń wọlé fún un. Ojú rẹ̀ kò padà bọ̀ sípò lẹ́ẹ̀kan náà. Ó tó oṣù márùn-ún kí ìlà kan ṣoṣo tó tún máa wà ní ẹ̀gbẹ́ orúkọ kan.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan lẹ́yìn ìyẹn, mo gbé ìwé kan lọ bá a. Ó wo ìwé náà, ó wo aago, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, èyí kò ní ṣeé ṣe lónìí. Bí ó bá di dandan, ẹ sọ èyí tí n óò gbé sílẹ̀ nítorí rẹ̀." Mo jẹ́wọ́ pé inú kọ́kọ́ bí mi díẹ̀. Mo gbé ìwé mi, mo padà sí yàrá mi.