Ìṣirò Kelly: ibi tí owó àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ti ń jò

Bí ọjọ́ Sátidé bá ti dé, ẹnu ọ̀nà àwọn ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ ní Akúrẹ́ a kún, láti Ọjà Ọba títí dé apá FUTA. Nínú àwọn tó ń wọ́ lọ síbẹ̀, àwọn kan wà tí kì í ṣe ẹnu lásán ni wọ́n fi ń ta owó wọn mọ́. Wọ́n ti gbọ́ nípa ìṣirò Kelly, wọ́n ti kọ fọ́múlà rẹ̀ sínú fóònù, kálíkulétọ̀ ni wọ́n sì fi ń mọ iye tí wọn yóò fi ta eré kọ̀ọ̀kan. Àwọn wọ̀nyí gan-an ló ń ká mi lára jù. Ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́ láìronú máa ń fi igba náírà ṣeré, a sì lọ sílé. Ẹni tó gbà pé ìṣirò ti dáàbò bo òun ló ń kó ìdámẹ́ta ojú owó rẹ̀ lé eré kan ṣoṣo.

N kò ní bẹ̀rẹ̀ fọ́múlà náà láti ìpìlẹ̀. Òun nìyí, kí gbogbo wa lè jọ máa wo ohun kan náà:

```
f = (b*p - q) / b
```

p ni ìṣeéṣe pé ẹ máa jẹ. q ni ìṣeéṣe pé ẹ máa pàdánù, ìyẹn 1 − p. b ni èrè tí náírà kan máa mú wá bí ẹ bá jẹ. f ni ìdá tí ẹ máa yọ nínú ojú owó yín.

Àṣìṣe kìíní: fífi ọ́ọ̀dì sí ipò b

Ọ́ọ̀dì tí wọ́n ń kọ sójú ìwé tẹ́tẹ́ níbí, owó tiyín náà wà nínú rẹ̀. Bí ọ́ọ̀dì bá jẹ́ 2.10, tí ẹ fi ₦1,000 ta, ₦2,100 ni wọ́n máa san, ṣùgbọ́n ₦1,000 tó wà nínú rẹ̀ tiyín ni tẹ́lẹ̀. Èrè jẹ́ ₦1,100. Nítorí náà b jẹ́ 1.10, kì í ṣe 2.10. Ẹ yọ 1 kúrò nínú ọ́ọ̀dì kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ẹ kò bá yọ ọ́. Ká ní ojú owó yín jẹ́ ₦100,000, tí ẹ sì gbà pé ìṣeéṣe pé onílé máa borí jẹ́ 0.52. Bí b bá jẹ́ 1.10, ìṣirò náà á lọ báyìí: 1.10 × 0.52 jẹ́ 0.572, ẹ yọ 0.48 kúrò, ó ku 0.092, ẹ fi 1.10 pín in, ó di 0.0836. Ẹ máa fi nǹkan bí ₦8,364 ta. Bí ẹ bá fi 2.10 sí ipò b, f á jáde ní 0.291, ìyẹn ₦29,143. Ó lé ní ìlọ́po mẹ́ta iye tó yẹ, kálíkulétọ̀ kò sì ní bá yín wí.

Àwọn kan á ní kò burú, ṣebí ẹni tó bá ní àǹfààní lórí eré, bó bá ta owó púpọ̀, èrè rẹ̀ náà á pọ̀ ni. Irọ́ ni, nítorí pé owó tí a ń ta léraléra kì í ṣe àròpọ̀, ìsọdipúpọ̀ ni. Ẹ mú eré méjì: ẹ jẹ ọ̀kan, ẹ pàdánù ọ̀kan. Ẹni tó ń ta 8.36% máa rí i pé ₦100,000 rẹ̀ di ₦109,200 lẹ́yìn eré tó jẹ, ó sì padà sí nǹkan bí ₦100,067 lẹ́yìn eyí tó pàdánù. Ẹni tó ń ta 29.14% á gùn dé ₦132,057, lẹ́yìn náà á já wá sí nǹkan bí ₦93,570. Òun náà jẹ ọ̀kan, ó pàdánù ọ̀kan, síbẹ̀ ó ti sọ ohun tó lé ní ₦6,000 nù. Ẹni tó bá pàdánù 29% gbọ́dọ̀ jèrè 41% kó tó padà síbi tó wà, bẹ́ẹ̀ eré kan tó bá jẹ kò ju 32% lọ fún un.

Ẹ wá fà á gùn dé ọgọ́rùn-ún eré, kí ẹ sì jẹ 52 nínú rẹ̀ gan-an bí ẹ ṣe rò. Ẹni tó ṣírò b dáadáa máa ní nǹkan bí ₦146,800 lọ́wọ́. Ẹni tó fi ọ́ọ̀dì sí ipò b máa ní nǹkan bí ₦12,500. Eré kan náà ni wọ́n jọ ta, ìmọ̀ wọn nípa bọ́ọ̀lù dọ́gba. Bí owó tí ẹ ń ta bá ti súnmọ́ ìlọ́po méjì ohun tí Kelly sọ, ìdàgbàsókè ojú owó á di òfo. Bó bá kọjá ibẹ̀, ó ń jò nìyẹn, bó ti wù kí ẹ mọ bọ́ọ̀lù tó.

Àṣìṣe kejì: p tó ti inú ọkàn jáde

Ibí ni ọ̀rọ̀ wà jù. Ìbéèrè tí mo máa ń bi ẹni tó bá fi ìṣirò rẹ̀ hàn mí ni pé, "Níbo lo ti rí 0.52 yìí?" Ìdáhùn tó sì wọ́pọ̀ ni pé wọ́n ti jẹ eré mẹ́ta tẹ̀léra, agbábọ́ọ̀lù iwájú wọn ti bọ́ lọ́wọ́ ìpalára, wọ́n sì ń gbá a nílé. Gbogbo ìyẹn lè jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó bí 0.52 nínú wọn.

John Kelly, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí Bell ní Amẹ́ríkà, ló gbé ìṣirò yìí jáde ní 1956, nígbà tó ń ronú lórí ìròyìn tó ń gba wáyà aláriwo kọjá. Ẹni tó kọ́kọ́ gbé e lọ sídìí tẹ́tẹ́ gidi, Edward Thorp, olùkọ́ ìṣirò ni, eré káàdì ló sì fi ta á ní Nevada. Ẹ wo ohun tó mú kó ṣiṣẹ́ fún un: káàdì méjìléláàádọ́ta ló wà nínú páálí kan, ẹni tó bá ń ka àwọn tó ti jáde mọ ohun tó kù, ó sì lè ṣírò p fúnra rẹ̀. Bọ́ọ̀lù kò ní páálí tí ẹnikẹ́ni lè kà. Àbá ni p tiwa, àbá sì máa ń ṣì.

Bó bá ṣì díẹ̀ ńkọ́? Ẹ padà sí eré wa. Ẹ sọ pé 0.52, òótọ́ rẹ̀ sì jẹ́ 0.49. Ìdá mẹ́ta péré nínú ọgọ́rùn-ún ni ẹ fi ṣì í. Iye tó yẹ kí ẹ ta jẹ́ nǹkan bí ₦2,636, ẹ sì ti ta ₦8,364, ìlọ́po mẹ́ta àti díẹ̀. Ojú owó yín yóò máa dín díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ àǹfààní ṣì wà lọ́wọ́ yín lórí eré náà! Ohun tó ń dun àwọn èèyàn tí wọn kò lè ṣàlàyé nìyẹn: wọ́n yan eré dáadáa, owó sì ń tán.

Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí fi ń ta ìdajì ohun tí Kelly bá sọ. Nínú eré tiwa, ìdajì jẹ́ 4.18%, nǹkan bí ₦4,182. Bí 0.52 bá jẹ́ òótọ́, lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún eré ẹ máa ní nǹkan bí ₦133,400 dípò ₦146,800. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìdàgbàsókè náà ṣì wà lọ́wọ́ yín, owó yín kò sì ní máa fò sókè sódò bíi ti tẹ́lẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé 0.49 ni òótọ́, ẹni tó ń ta ìdajì ṣì ń jèrè díẹ̀, nígbà tí ẹni tó ń ta odindi ń pàdánù. Ẹ mú f bí ibi tí ẹ kò gbọdọ̀ kọjá. Kì í ṣe ibi tí ẹ gbọ́dọ̀ dé.

Ẹ sì máa ṣàkọsílẹ̀. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ p tí ẹ rò sílẹ̀. Lẹ́yìn eré, ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ kó gbogbo èyí tí ẹ pè ní 0.50 sí 0.55 jọ, kí ẹ wò ó bóyá nǹkan bí ìdajì nínú wọn wọlé. Ẹ má sì tètè yọ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún eré tí p rẹ̀ jẹ́ 0.52 lóòótọ́, kí ẹ jẹ 42 tàbí 62 kì í ṣe nǹkan àjèjì. Ó di nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan eré kó tó fún yín ní ìdáhùn tó ṣeé gbára lé, níbi tí iye tí ẹ jẹ á wà láàárín nǹkan bí 490 sí 550. Ẹni tó ti ta eré ogún, tó ní òun ti mọ p òun, kò tíì mọ nǹkan kan.

Àwọn tó kù kò gùn. Ojú owó tó wà lọ́wọ́ yín nísinsìnyí ni ẹ máa fi ṣírò, kì í ṣe èyí tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀: bí ₦8,364 bá ti lọ, ₦91,636 ló kù, eré tó tẹ̀ lé e, bí p àti ọ́ọ̀dì rẹ̀ bá dọ́gba pẹ̀lú ti àkọ́kọ́, nǹkan bí ₦7,664 ni odindi Kelly ibẹ̀. Ẹ má ka owó tó ṣì wà nínú tíkẹ́ẹ̀tì tí eré rẹ̀ kò tíì parí mọ́ ọn. Ẹni tó bá ń sọ owó di ìlọ́po méjì láti gba èyí tó sọnù padà ti fi Kelly sílẹ̀ nìyẹn.

Eré márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà ní ọ̀sán Sátidé: 8.36% lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti kó nǹkan bí 42% ojú owó yín síta kí ìkankan nínú wọn tó parí. Ẹ dín ti ọ̀kọ̀ọ̀kan kù. Bí ẹ bá ta "onílé á borí" àti "góòlù á ju méjì lọ" nínú eré kan náà, ẹ má ṣírò wọn bí eré méjì. Tí ọ̀kan bá bàjẹ́, èkejì sábà máa ń bá a lọ.

Ọ̀rọ̀ nípa f tó bá jáde ní òdì ni mo fi sẹ́yìn, nítorí pé ibẹ̀ ni mo ti rí i tí àwọn èèyàn ń tàn ara wọn jẹ. Wọ́n á ní bí onílé kò bá ní àǹfààní, ṣebí àlejò ló ní in. Ẹ jẹ́ ká dán an wò. Ọ́ọ̀dì eré kan lọ báyìí: onílé 2.10, ọ̀mì 3.30, àlejò 3.50. Ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan pín 1, ẹ ó rí 0.476, 0.303 àti 0.286. Àpapọ̀ wọn jẹ́ nǹkan bí 1.065, kì í ṣe 1. Ìyẹn 0.065 tó lé ni ilé tẹ́tẹ́ fi ń jẹun. Ẹ fi 1.065 pín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí ẹ tó mọ ohun tí ọjà fúnra rẹ̀ gbà gbọ́: onílé 0.447, ọ̀mì 0.285, àlejò 0.268. Ẹni tó bá ní 0.52 lórí onílé ń sọ pé òun fi ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún mọ̀ ju gbogbo ọjà lọ. Kó wá ẹ̀rí rẹ̀ jáde. Ẹ wá fi 0.447 sínú fọ́múlà pẹ̀lú b 1.10: ó jáde ní nǹkan bí −0.056. Ẹ fi 0.285 sí i pẹ̀lú b 2.30: −0.026. Ẹ fi 0.268 sí i pẹ̀lú b 2.50: nǹkan bí −0.025. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló jáde ní òdì, owó tí Kelly ní kí ẹ fi ta eré yẹn sì jẹ́ òfo.